Gíréèdì yàtọ̀ sí lẹ́fẹ̀ẹ̀lì: bí wọ́n ṣe ń wọn iṣẹ́ kí wọ́n tó fi owó lé e

Ẹni tó bá ti gbé Àbújá pẹ́ á mọ ìbéèrè yẹn. Ẹ pàdé ará ìlú yín níbi ìsọmọlórúkọ ní Kúbwá, tàbí níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Lúgbe, ẹ ò tíì kí ara yín tán tó ti máa bi yín pé "lẹ́fẹ̀ẹ̀lì mélòó lẹ wà báyìí?" Tẹ́ ẹ bá sọ pé 12, ó ti mọ iye tẹ́ ẹ ń gbà, ó ti mọ ọdún tẹ́ ẹ wọṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fẹ̀yìn tì fún yín. Iṣẹ́ ìjọba ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣiṣẹ́ ìjọba mọ́, ilé iṣẹ́ aládàáni là ń bá ṣe, àwọn náà sì ní gíréèdì tiwọn, gíréèdì 3, gíréèdì 5, gíréèdì 7, àwa wá ń fi ojú lẹ́fẹ̀ẹ̀lì ìjọba wò ó. Dírẹ́bà tó ti lo ọdún 12 á máa wo ọmọ tó dé lésìí tí gíréèdì ẹ̀ ju tòun lọ, inú á bí i, á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ó lè jẹ́ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ lóòótọ́ o, mi ò sọ pé wọn kì í ṣe é. Àmọ́ kéèyàn tó lè dá a mọ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, ó yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe dé ìdí ìṣirò náà, ohun tí mo fẹ́ tú palẹ̀ nìyẹn, torí mo ti jókòó sínú kọmítì tó ń ṣe é, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ìjọba, torí òun ló gbilẹ̀ sí wa lórí. Lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 1 dé 17 tí gbogbo wa mọ̀ yìí, kọmíṣọ̀n tí Olóyè Jerome Údójì ṣe alága ẹ̀ ló dábàá ẹ̀ lọ́dún 1974 (àwọn àgbà á rántí "owó Údójì", bí wọ́n ṣe kó àjẹsílẹ̀ fáwọn òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà tí rédíò àti alùpùpù fi gba ìgboro kan). Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wíwọn iṣẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Àmọ́ bá a ṣe ń lò ó lónìí, lẹ́fẹ̀ẹ̀lì ń bá èèyàn rìn ni. Tẹ́ ẹ bá wọlé pẹ̀lú dígírì, 08 lẹ máa bẹ̀rẹ̀. Láti 07 dé 14, ẹ gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 ó kéré tán lórí lẹ́fẹ̀ẹ̀lì kan kẹ́ ẹ tó lè jókòó ṣe ìdánwò ìgbéga, tó bá di 15 lọ sókè ó di ọdún 4. Tí àyè bá ṣí, tẹ́ ẹ sì yege, ẹ gòkè nìyẹn. Ẹ sì lè gòkè kí iṣẹ́ orí tábìlì yín má yí padà rárá, fáìlì tẹ́ ẹ ń gbé ní 09 náà lẹ ṣì máa gbé ní 10, ibẹ̀ lẹ ti máa fò bọ́ sí 12 torí CONPSS, ìyẹn ètò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ò ní 11.

Ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá mọ ohun tó ń ṣe ò rò ó báyẹn. Àga ni wọ́n ń fún ní gíréèdì, wọn ò wo ẹni tó jókòó sórí ẹ̀. Tí àga náà bá wà ní gíréèdì 5, ẹni tó ti jókòó síbẹ̀ lọ́dún 12 wà ní 5, ẹni tó jókòó síbẹ̀ ní àárọ̀ Mọ́ńdè náà wà ní 5. Kó o tó lè kúrò ní 5, àfi kó o bọ́ sórí àga míì, tàbí kí iṣẹ́ orí àga yẹn fúnra ẹ̀ tóbi sí i. Ó máa ń le létí àwọn èèyàn wa, wọ́n á ní "ṣé gbogbo ọdún tí mo ti lò wá já sí asán ni?" Rárá, ọdún yín ní ibi tí wọ́n ti ń kà á, a máa débẹ̀, àmọ́ kì í ṣe inú gíréèdì.

Ó dáa, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé àga kan tóbi ju ìkejì lọ? Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ omi kan ní Ìdù, irú àwọn tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà àti omi inú ike. Mo ti yí owó àti póìntì ibẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀, bó ṣe lọ gan-an ni mi ò yí. Ìjà méjì ló wà nílẹ̀ níbẹ̀. Èkíní, ọ́físà ádímìn kan tó ní dígírì gbọ́ pé gíréèdì kan náà ni wọ́n fi òun àti tẹkiníṣíánì tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi sí, ó ní ìwọ̀sí ni. Èkejì, àwọn dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ní wọ́n fi àwọn sí ìsàlẹ̀ jù.

Bí kọmítì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ àti súpáfáísọ̀ ẹ̀ máa kọ́kọ́ kọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ sílẹ̀: kí lẹ ń ṣe lójoojúmọ́, ta lẹ ń jábọ̀ fún, èló ló ń gba ọwọ́ yín kọjá, ìpinnu wo lẹ lè ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tẹ́ ẹ bá ṣi iṣẹ́ ṣe kí ló máa bàjẹ́. Wọ́n á yọ orúkọ kúrò lórí ìwé yẹn. Èèyàn bíi 5 sí 7 láti ẹ̀ka oríṣiríṣi á wá jókòó lé e lórí, tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wà ó yẹ kí aṣojú wọn wà níbẹ̀. Kálukú á kọ póìntì tiẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbọ́ ti ẹlòmíì, torí tí ọ̀gá bá ti kọ́kọ́ lanu pé "ìyẹn ò lè ju ipele 2 lọ", ta ló fẹ́ sọ 3 lójú ẹ̀? Ìgbà tí wọ́n bá wá kó ìwé jọ, ibi tí ẹnì kan kọ 2 tí ẹnì kan kọ 4 gan-an ni iṣẹ́ wà, wọ́n á jọ fa ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n á fi fẹnu kò, wọ́n á sì kọ ìdí tí wọ́n fi mú ipele yẹn sílẹ̀. Ẹ fi ìwé ìdí yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ yìí ní nǹkan 4 tó fi ń wọn iṣẹ́, gbogbo póìntì ẹ̀ jẹ́ 1000. Ìmọ̀ àti ìrírí tí iṣẹ́ náà ń béèrè gba 400. Ojúṣe gba 350, ìyẹn owó, ẹ̀rọ, ẹ̀mí èèyàn, tàbí òṣìṣẹ́ míì tó wà níkàáwọ́ yín. Agbára tí iṣẹ́ ń gbà lára àti lọ́pọlọ gba 150. Ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣe é, ariwo, ooru, ewu, gba 100. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipele 5, tẹ́ ẹ bá wà ní ipele 1 ìdá kan nínú márùn-ún lẹ máa gbà, ipele 5 ló ń gba gbogbo ẹ̀. Torí náà ipele 3 nínú ìmọ̀ jẹ́ 240, ipele 4 jẹ́ 320. Ilé iṣẹ́ míì lè ní nǹkan 6 tàbí 10 tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ọgbọ́n kan náà ni.

Ọ́físà ádímìn ni kọmítì kọ́kọ́ wò. Iṣẹ́ náà nílò dígírì tàbí nǹkan tó bá a dọ́gba, torí ó ń kọ lẹ́tà, ó ń ka àdéhùn, ó ń bá agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀, ìmọ̀ ipele 4, 320. Ojúṣe ipele 3, 210, fáìlì gbogbo òṣìṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Agbára ipele 2, 60. Ibi iṣẹ́ ipele 1, 20, inú ọ́fíìsì ló wà, éasíì ń ṣiṣẹ́. Àpapọ̀ ẹ̀ 610.

Tẹkiníṣíánì wá ńkọ́? Iṣẹ́ náà nílò dípólómà pólì tàbí kéèyàn kọ́ṣẹ́ dáadáa kó sì ti ṣe é fún ọdún mélòó kan, ìmọ̀ ipele 3, 240. Ojúṣe ipele 3, 210, torí tí iná búlúù tó ń pa kòkòrò inú omi bá kú tí kò tètè mọ̀, omi tí ìgboro máa mu ló bàjẹ́ yẹn, kì í ṣe kìkì ẹ̀rọ. Agbára ipele 3, 90, ó ń gun táǹkì, ó ń tú ẹ̀rọ, ó sì gbọ́dọ̀ fi etí gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń dún kó tó bàjẹ́. Ibi iṣẹ́ ipele 4, 80, ẹni tó bá ti dúró ti jẹnẹrétọ̀ ńlá nígbà ooru oṣù kẹta l'Ábújá ò ní bá wọn jiyàn. Àpapọ̀ ẹ̀ 620.

Gíréèdì 5 ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti 551 dé 650. Àwọn méjèèjì bọ́ síbẹ̀. Póìntì 10 tí tẹkiníṣíánì fi jù ú lọ ò já mọ́ nǹkan kan, torí náà ni wọ́n ṣe ń fi ààlà sí i kó fẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n yìí ò mọ́ tó kéèyàn máa fi póìntì 10 ya èèyàn méjì.

Ọ́físà ádímìn wá bínú pé "kí ni mo wá lọ yunifásítì fún?" Ẹ wò ó, wọ́n ka dígírì yẹn fún un, òun ló fún un ní póìntì 80 ju tẹkiníṣíánì lọ nínú ìmọ̀. Ohun tí kò rí ni pé ìmọ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń wọ̀n. Nǹkan kan tún wà tó ń da èèyàn láàmú níbí: dígírì tí iṣẹ́ náà nílò ni wọ́n ń kà, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ní. Tẹ́ ẹ bá fi másítà jókòó sí ìdí iṣẹ́ tó jẹ́ pé dípólómà ló ń béèrè, póìntì dípólómà lẹ máa gbà, torí lọ́la tẹ́ ẹ bá lọ, ẹni tó ní dípólómà ni wọ́n máa fi rọ́pò yín. Ó dun èèyàn gan-an nílùú tí àwọn ọmọ tó ní másítà ti ń wá iṣẹ́ èyíkéyìí, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ la ojú sí jù lọ ni mo fẹ́ dé yìí, òun sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í ṣàlàyé. Ta ló sọ pé kí ìmọ̀ jẹ́ 400 kí ibi iṣẹ́ jẹ́ 100? Àwọn ọ̀gá ni. Kò sí ibì kan tí wọ́n ti bu ú látọ̀run. Ẹ jẹ́ ká ṣe é wò: ẹ sọ ìmọ̀ di 500, ẹ fi ojúṣe sílẹ̀ ní 350, ẹ sọ agbára di 100, ẹ sọ ibi iṣẹ́ di 50. Ó ṣì jẹ́ 1000. Ẹ má yí ipele ẹnikẹ́ni padà, iṣẹ́ kan náà, ìwé kan náà. Tẹkiníṣíánì á gba 300, 210, 60 àti 40, ó di 610, ó ṣì wà ní gíréèdì 5. Ọ́físà ádímìn á gba 400, 210, 40 àti 10, ó di 660, ó ti fò sí gíréèdì 6. Kò sẹ́ni tó purọ́ o, kò sẹ́ni tó fi póìntì kún ti ẹnikẹ́ni, ìwọ̀n tí wọ́n gbé ka nǹkan kọ̀ọ̀kan ni wọ́n yí tí èèyàn fi gòkè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fẹnu kò sórí ìwọ̀n yẹn, kí wọ́n sì kéde ẹ̀, kí wọ́n tó wọn iṣẹ́ kankan. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé wọ́n yí i padà lẹ́yìn tí èsì ti jáde, ẹ béèrè ìdí, ẹ béèrè ẹ̀ dáadáa.

Ohun míì tó máa ń sá pamọ́ síbẹ̀ ni ohun tí wọ́n kà sí agbára. Kọmítì tó kún fún ọkùnrin á rántí gbígbé ẹrù, wọn ò ní rántí ọmọbìnrin tó wà ní gbọ̀ngàn ìgbàlejò tí oníbàárà ń bú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ tí kò sì gbọ́dọ̀ fèsì. Agbára lèyí náà. Àdéhùn nọ́ńbà 100 ti ọdún 1951 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ́dún 1974, sọ pé ọkùnrin àti obìnrin tí iṣẹ́ wọn níye lórí bákan náà gbọ́dọ̀ gba owó kan náà, kò sọ pé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jọra. Tí nǹkan tó ń rẹ obìnrin lẹ́nu iṣẹ́ kò bá sí nínú fọ́ọ̀mù ìwọ̀n, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ rí i kà.

Ó yá, ti àwọn dírẹ́bà. Póìntì tí wọ́n kọ́kọ́ gbà ni: ìmọ̀ 160, ojúṣe ipele 2, 140, agbára 90, ibi iṣẹ́ 60. Àpapọ̀ ẹ̀ 450. Gíréèdì 3 sì parí ní 450 gẹ́lẹ́, póìntì 1 péré ló kù kí wọ́n bọ́ sí 4. Nígbà tí ẹ bá rí i tí iṣẹ́ kan dúró sẹ́nu ààlà báyẹn, kọmítì tó bá gbọ́n á tún un wò láìdúró de ẹnikẹ́ni, torí àṣìṣe kékeré kan ti tó láti gbé e sódìkejì. Wọn ò tún un wò. Àwọn dírẹ́bà kọ̀wé, àgbà inú wọn ló sì wá ṣojú fún wọn, Bàbá Ràfíù là ń pè é.

Ọmọbìnrin tó ń ṣe akọ̀wé kọmítì ló bi í léèrè pé, "Bàbá, ẹ má bínú sà, tẹ́ ẹ bá já ọjà sílẹ̀ ní Súléjà, ta ló ń gba owó?"

"Èmi náà ni, ọmọ mi. Ta ni ì bá tún gbà á?"

Bàbá jáde lọ sídìí ọkọ̀, ó bọ́wọ́ sínú ibi tí wọ́n ń kó ìwé ọkọ̀ sí, ó mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa káàdì wá, pẹ̀lú búkù rìsíìtì mẹ́ta tó fi rọ́bà dì pọ̀, etí wọn ti ká, lẹ́yìn ọ̀kan níbẹ̀ ó ti fi bíírò ṣe ìṣirò owó tí oníbàárà kan ní Mádálà ṣì jẹ.

"Tí owó bá wá dín ńkọ́, sà?"

"Wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù mi." (Ìyẹn gan-an tún jẹ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ ká bá wọn fà lọ́tọ̀.)

Ìwé iṣẹ́ tí kọmítì fi wọn dírẹ́bà ti pẹ́, ìgbà tí ọmọ sélúsì ṣì máa ń bá wọn lọ ni wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ti dá àwọn sélúsì dúró, iṣẹ́ owó gbígbà wá ṣubú lé dírẹ́bà lórí, kò sẹ́ni tó rántí tún ìwé kọ. Kọmítì gbé ojúṣe lọ sí ipele 3, 210, àpapọ̀ di 520, gíréèdì 4. Gbogbo dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ló sì kàn, kì í ṣe Bàbá Ràfíù nìkan, torí àga ni wọ́n wọ̀n. Dírẹ́bà tó ń gbé ọ̀gá àgbà kò sí níbẹ̀ o, kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó dúró ní gíréèdì 3, inú ẹ̀ ò sì dùn, torí òun ló sún mọ́ ọ̀gá jù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ̀wé pé kí wọ́n tún iṣẹ́ yín wò, ohun tó ṣiṣẹ́ fún wọn nìyẹn. Wọn ò kọ ọ́ pé a ti pẹ́, a ń jìyà, ọmọ mẹ́rin ló ń lọ sílé ìwé. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, àmọ́ kò sí àyè fún un lórí fọ́ọ̀mù. Ohun tí wọ́n mú dání ni ojúṣe kan tó wà nínú iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé, pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé ìdí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo ipele tí wọ́n fi yín sí lórí nǹkan kọ̀ọ̀kan, ẹ wá mú èyí tí kò bá ohun tẹ́ ẹ ń ṣe mu. Ilé iṣẹ́ tó bá sọ pé kò sí ìwé ìdí, tàbí pé àṣírí ni, ti sọ fún yín bí wọ́n ṣe ṣe é. Owó ẹlòmíì lè jẹ́ àṣírí, póìntì iṣẹ́ yín kò yẹ kó jẹ́ àṣírí sí yín.

Wàyí o, owó. Gíréèdì kì í jẹ́ iye kan ṣoṣo, ó ní ìsàlẹ̀ ó sì ní òkè. Níbi tá à ń sọ yìí, gíréèdì 4 bẹ̀rẹ̀ ní 176,000 náírà lóṣù ó sì dé 264,000, gíréèdì 5 bẹ̀rẹ̀ ní 220,000 ó dé 330,000. Ẹ wò ó dáadáa, wọ́n wọnú ara wọn: láti 220,000 dé 264,000, ẹni gíréèdì 4 àti ẹni gíréèdì 5 lè jọ wà níbẹ̀. Dírẹ́bà tó ti pẹ́ tó sì mọṣẹ́ lè máa gba 250,000, kí tẹkiníṣíánì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí gíréèdì ẹ̀ ga jù ú lọ máa gba 220,000. Èèyàn á ní ìṣirò ti dàrú. Kò dàrú. Ibí ni ọdún yín ti ń jẹ ẹ́, ibí náà ni bẹ́ ẹ ṣe ṣiṣẹ́ sí ti ń jẹ ẹ́, ohun tí máníjà yín ń kọ sínú ìwé ọdọọdún yẹn. Gíréèdì ń sọ bí àga ṣe tóbi tó, ibi tẹ́ ẹ wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè ẹ̀ ló ń sọ nípa ẹ̀yin fúnra yín.

Ohun tó ya àwọn dírẹ́bà lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n bọ́ sí gíréèdì 4, owó ò fò. Bàbá Ràfíù ń gba 205,000 tẹ́lẹ̀, iye yẹn sì ti wà láàárín gíréèdì 4 tẹ́lẹ̀, torí náà kò sí ohun tó ní kí wọ́n fi kún un dandan, wọ́n kàn fún wọn ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 215,250. Ó ní ṣé gbogbo ariwo yẹn ni 10,250 náírà péré? Mo gbà pé wọn ì bá fi kún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ wo ibi tó ti jẹ èrè gan-an: òkè gíréèdì 3 jẹ́ 211,200, tó bá dúró níbẹ̀ owó oṣù ẹ̀ ì bá kan òrùlé láàárín ọdún kan, kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́ àfi tí wọ́n bá gbé gbogbo owó lọ sókè. Báyìí òrùlé ẹ̀ ti di 264,000.

Odì kejì ẹ̀ náà wà. Obìnrin kan wà nínú àwọn ọ́físà ádímìn tó ti ń gba 360,000 kí wọ́n tó wọn iṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi gbà á síṣẹ́ nígbà tí wọ́n nílò èèyàn kánkán. Òkè gíréèdì 5 jẹ́ 330,000. Wọn ò gé e, owó tó wà nínú àdéhùn kì í ṣe nǹkan tí agbanisíṣẹ́ kàn lè jí lọ́jọ́ kan kó gé láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí i. Wọ́n fi bíírò pupa yí orúkọ ẹ̀ ká, owó ẹ̀ á dúró síbẹ̀ títí tí òkè gíréèdì 5 á fi bá a. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tí owó ẹ̀ ga ju gíréèdì ẹ̀ lọ, ẹ má tètè pariwo ojúsàájú, ẹ béèrè bóyá abíírò-pupa ni. Ohun tó jẹ́ ojúsàájú ni tí wọ́n bá ń fi owó kún tiẹ̀ lọ́dọọdún láti orí 360,000 yẹn.

Irú kejì tó máa ń dàbí ojúsàájú ni ti àwọn tí ọjà ń wá. Ọmọ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà lè wà ní gíréèdì 5 kó sì máa gbà ju gbogbo gíréèdì 5 lọ, torí tí wọn ò bá san án, ilé iṣẹ́ míì á gbé e lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é dáadáa á san àfikún yẹn gẹ́gẹ́ bí àlàwáǹsì tó dá dúró lórí ìwé owó oṣù, wọ́n á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Èyí tí kò dáa ni kí wọ́n gbé póìntì ẹ̀ sókè kí owó lè bá a mu. Wọ́n á pè é ní máníjà, kò sí ẹnì kan tó ń darí, ìwé iṣẹ́ ẹ̀ á wá kún fún "ó ń ṣètò, ó ń darí, ó ń bójú tó." Tẹ́ ẹ bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ bi wọ́n pé, ta ló ń jábọ̀ fún un? Ìpinnu wo ló lè ṣe láìbéèrè? Ìbéèrè méjèèjì yẹn máa ń mú kí máníjà padà di ọ́físà.

Nǹkan kan wà tí póìntì ò lè sọ fún yín láéláé, ìyẹn ni bóyá owó náà tó gbọ́ bùkátà. Ó lè sọ pé iṣẹ́ yín tóbi ju tẹni yẹn lọ, kò lè sọ pé 220,000 tó san owó ilé ní Lúgbe pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti owó ilé ìwé ọmọ. Ìyẹn, ọwọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn ọ̀gá ló wà, pé kí wọ́n gbé gbogbo ìsàlẹ̀ àti òkè gíréèdì lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sì béèrè ìgbà tí wọ́n gbé e kẹ́yìn. Ní oṣù keje ọdún 2024 tí owó oṣù tó kéré jù di 70,000 láti 30,000, ilé iṣẹ́ míì kàn gbé àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá dé 70,000, wọn ò sì fọwọ́ kan èyí tó kù. Ẹni tó ń gbálẹ̀ tó ń gba 60,000 bọ́ sí 70,000, máígáàdì tó ń gba 72,000 tí gíréèdì ẹ̀ ju tiẹ̀ lọ dúró síbi tó wà. Ẹgbẹ̀rún 12 tó wà láàárín wọn ti di ẹgbẹ̀rún 2. Tí máígáàdì yẹn bá lọ kọ̀wé pé kí wọ́n tún gíréèdì òun wò, wọ́n á wọ̀n ọ́n, póìntì ẹ̀ á pé, wọ́n á ní kò sí àṣìṣe, òótọ́ sì ni wọ́n máa sọ, torí gíréèdì ẹ̀ ò bàjẹ́, ìsàlẹ̀ àti òkè owó gíréèdì náà ni wọ́n fi sílẹ̀ síbi tó wà ṣáájú 2024. Ìwé tó yẹ kó kọ ni pé kí wọ́n gbé ìyẹn.